Ìdí tí mo fi pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìn àwọn bọ́ọ̀sì wa: lẹ́tà sí ẹ̀yin dírẹ́bà

Ẹ̀yin dírẹ́bà wa ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọ̀nà Èkó.

Owó tí a ná lórí ẹ́ńjìn Háísì kan ṣoṣo nígbà ọyẹ́ tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ́ńjìn tòkunbọ̀, inú mi kò sì tíì rọ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì tú orí ẹ́ńjìn náà, ó gbé káńṣáàfù lé mi lọ́wọ́. Ibi tí ó yẹ kí ó máa dán ti ha, èékánná mi sì ń há sínú ìlà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́árìn ìsàlẹ̀ ṣì dára. Òkè ẹ́ńjìn ni ọ́ìlì máa ń dé gbẹ̀yìn bí a bá ṣíná ní àárọ̀, òkè náà ni ó sì jẹ.

SAE 40 lásán ni a ti ń lò. Ọ́ìlì yẹn ki púpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìn bá tutù, pàápàá ní agogo márùn-ún àárọ̀ tí ẹ ń múra Èkó, tí ẹlòmíràn sì ń tẹ iná mọ́lẹ̀ kí iná ọ́ìlì tó kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi yí sí 15W-40. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. 40 tó kẹ́yìn ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì méjèèjì: 40 ni ó wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ní ọ́ìlì tuntun yìí fúyẹ́ jù, nígbà tí a ń dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì ni ó rí i. Nínú ẹ́ńjìn tó ti gbóná, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ní láti bọ́ sí.

Títú ọ́ìlì àtijọ́ àti pípààrọ̀ fítà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, n kò ní dúró lórí rẹ̀. Ohun tí ó dá wa dúró ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tí iná ọ́ìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Bẹ́gà. Dírẹ́bà náà pa ọkọ̀, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ẹ̀bá títì sọ fún un pé ọ́ìlì tuntun ti ṣàn jù, ó sì da SAE 40 lé e lórí. Iná náà kò yéé ṣẹ́jú, gbogbo gáréèjì sì ń sọ pé kí n dá ọ́ìlì àtijọ́ padà.

Mo yọ wáyà orí suwíìṣì ọ́ìlì tí ń tan iná náà, mo ṣí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìn, iná náà kú. Èyí fi hàn pé wáyà kò fara kan ara ọkọ̀ níbikíbi. Ó kù sí suwíìṣì fúnra rẹ̀ tàbí kí agbára ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́, gééjì tí ń wọn agbára ọ́ìlì nìkan ni ó sì lè yanjú ìyẹn. Níbí ni ìbínú mi wà. Gééjì tí a rà wọ ihò suwíìṣì díẹ̀, ó sì há. Tíréèdì suwíìṣì ọkọ̀ wa jẹ́ 28 nínú ínṣì kan, ti gééjì jẹ́ 27. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, bí a bá sì fi tipá dè é, yóò ba ihò ara ẹ́ńjìn jẹ́. Àwọn ènìyàn ní kí n fi agbára dè é. N kò gbà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi léètì gé irin, ó ṣe ìsopọ̀ tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá wọn mu, bọ́ọ̀sì sì ń jókòó láì mówó wọlé ní gbogbo àkókò náà.

A wà á dé Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó gbóná dáadáa, a sì de gééjì mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ́ńjìn rọra ń dún, 20 psi. Nígbà tí a tẹ iná, ó kọjá 45. Ní àyíká 5 psi ni irú suwíìṣì bẹ́ẹ̀ tó yẹ kí ó tan iná. Nígbà tí a tú suwíìṣì wò, ọ́ìlì ti jò gba àárín rẹ̀ dé ojú wáyà. A fi tuntun sí i, ṣíṣẹ́jú tán. Mo fi ìdùnnú sọ ọ́ pé ọ́ìlì wa kò jẹ̀bi.

Nítorí náà, lítà 15W-40 kan ni kí ó máa wà lábẹ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, òun nìkan sì ni kí ẹ fi ṣe àfikún. Bí ẹ bá ṣíná ní àárọ̀, ẹ má tẹ iná kí iná ọ́ìlì tó kú. Bí ó bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìn lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, kí ẹ sì pè mí kí ẹnikẹ́ni tó da ohunkóhun sí i. Mo ti tọ́jú gééjì àti ìsopọ̀ rẹ̀ sí ọ́fíìsì. Bí suwíìṣì míràn bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní lò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ.

Alábòójútó ọkọ̀ yín.