Fọ́múlà ń ṣẹ nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí sísọ iṣẹ́ ẹ̀rọ di fọ́múlà SAT

Ìbéèrè: SAT ni ìṣòro wíwá bóyá a lè fún àwọn oníyípadà fọ́múlà kan ní iye òótọ́ tàbí irọ́ tó máa mú un ṣẹ; NP sì ni àkójọ àwọn ìṣòro tí a lè tètè yẹ ìdáhùn wọn wò. Mo ń tọ ẹ̀rí pé SAT jẹ́ ìṣòro pípé ní NP, ìyẹn pé a lè sọ gbogbo ìṣòro NP di SAT, ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ Turing kékeré kan, èyí tí orí rẹ̀ ń ka àmì tó sì ń kọ àmì sínú àwọn àpótí orí téèpù, ni mo fi ń dán an wò: bó bá wà ní ipò q0 tó sì rí 0, á sún sí ọ̀tún, bó bá rí 1, á bọ́ sí qa, á sì gbà, bó bá rí àpótí òfìfo, á bọ́ sí qr, á sì kọ̀. Mo kọ awẹ́, ìyẹn àwọn òfin kéékèèké tó gbọ́dọ̀ ṣẹ pọ̀ kí fọ́múlà tó ṣẹ, fún ìbẹ̀rẹ̀, fún ìgbésẹ̀ ẹ̀rọ, àti fún òpin. Ẹ̀rọ náà kọ̀ nígbà tí mo fún un ní 00, síbẹ̀ fọ́múlà náà ṣẹ. Kí ni mo gbàgbé?

Ìdáhùn: Ẹ gbàgbé láti sọ pé àpótí tí orí ẹ̀rọ kò sí lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà. Ó dà bí ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ń wo ẹ̀rọ yóò rí i pé kò sí ọwọ́ mìíràn tó lè kọ nǹkan sórí téèpù. Ṣùgbọ́n fọ́múlà kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kankan wà. Oníyípadà nìkan ló rí, gbogbo oníyípadà tí awẹ́ kankan kò bá sì dè, òmìnira rẹ̀ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká pe S(i,j,a) ní oníyípadà tó ń sọ pé ní ìgbà i, àmì a wà nínú àpótí j. H(i,j) ń sọ pé orí ẹ̀rọ wà lórí àpótí j ní ìgbà i. Q(i,q) sì ń sọ pé ipò ẹ̀rọ ní ìgbà i ni q. Bí ẹ bá ka ojútùú tí fọ́múlà yín rí padà sórí tábìlì, kí ẹ fi ìlà kan fún ìgbà kan, ohun tí ẹ lè rí nìyí (àmì [ ] ń fi ibi tí orí ẹ̀rọ wà hàn, _ sì ni òfìfo):

```
0:  [0]  0   _   _    q0
1:   0  [1]  _   _    q0
2:   0  [1]  _   _    qa
3:   0  [1]  _   _    qa
```

Ẹ wo àpótí kejì. Ní ìgbà 0, 0 ló wà níbẹ̀, orí ẹ̀rọ sì wà lórí àpótí kìíní. Ní ìgbà 1, àpótí kejì ti di 1 láìsí ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo awẹ́ ìgbésẹ̀ tí ẹ kọ ló ṣẹ lóòótọ́, nítorí pé wọn kò sọ nǹkankan nípa àpótí tí orí ẹ̀rọ kò sí. Awẹ́ tó dí àlàfo yìí kúrú:

```
¬S(i,j,a) ∨ H(i,j) ∨ S(i+1,j,a)
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àmì a bá wà nínú àpótí j, tí orí ẹ̀rọ kò sì sí níbẹ̀, àmì a gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní ìgbà tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ fún gbogbo i, j àti a. Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 3, àpótí 4 àti àmì 3, awẹ́ 36 ni yóò jẹ́.

Ìbéèrè: Mo ti fi í kún un, síbẹ̀ fọ́múlà ṣì ń ṣẹ. Nínú ojútùú tuntun, S(1,2,0) àti S(1,2,1) jọ jẹ́ òótọ́.

Ìdáhùn: Awẹ́ tuntun náà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó fi 0 sílẹ̀ nínú àpótí kejì. Ohun tí kò sí ni awẹ́ tó máa lé 1 jáde. Gbogbo òfin tí ẹ kọ ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Kò sí èyí tó ń sọ pé ohun mìíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Nítorí náà, fún àmì méjì a àti b tó yàtọ̀ síra, ẹ kọ èyí:

```
¬S(i,j,a) ∨ ¬S(i,j,b)
```

Ẹ ṣe bákan náà fún H, kí orí ẹ̀rọ má baà wà níbi méjì, àti fún Q. Ti Q ló léwu jù. Bí ẹ bá fo ti Q, fọ́múlà lè jẹ́ kí ẹ̀rọ rin ìrìn rẹ̀ títí dé qr ní ìgbà 3, kí ó wá sọ pé Q(3,qa) náà jẹ́ òótọ́. Awẹ́ òpin yín ti ṣẹ nìyẹn, tí gbogbo ìrìn náà kò sì já mọ́ nǹkankan. Ẹ tún rí i pé ó kéré tán ọ̀kan wà: àmì kan nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ibì kan fún orí, ipò kan fún ẹ̀rọ.

Báyìí, ẹ tọ 00 lẹ́ẹ̀kan sí i. S(0,2,0) jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, H(0,2) jẹ́ irọ́, nítorí náà S(1,2,0) jẹ́ òótọ́, S(1,2,1) sì di irọ́. Orí ẹ̀rọ kà 0, ó sún dé àpótí kẹta, ó rí òfìfo, Q(3,qr) di òótọ́, Q(3,qa) kò sì lè jẹ́ òótọ́ mọ́. Fọ́múlà kò ṣẹ, bó ṣe yẹ kó rí.

Ìbéèrè: Mo wá jẹ́ kí ẹ̀rọ lè yàn. Ní q0, bó bá rí 0, ó lè sún sí ọ̀tún, tàbí kó kọ 1 síbẹ̀ kó sì dúró. Ọ̀nà tó gba 00 ti wà báyìí, ṣùgbọ́n fọ́múlà kò ṣẹ mọ́ rárá.

Ìdáhùn: Ó jọ pé ẹ kọ awẹ́ fún ìgbésẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì. Fọ́múlà ń béèrè pé kí orí ẹ̀rọ wà lórí àpótí 1 àti 2 lẹ́ẹ̀kan náà, awẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ní oníyípadà C(i): bó bá jẹ́ òótọ́, ìgbésẹ̀ kìíní ló de ẹ̀rọ; bó bá jẹ́ irọ́, ìkejì ni. Àpẹẹrẹ kan fún ibi tí orí yóò lọ:

```
¬C(i) ∨ ¬H(i,j) ∨ ¬Q(i,q0) ∨ ¬S(i,j,0) ∨ H(i+1,j+1)
 C(i) ∨ ¬H(i,j) ∨ ¬Q(i,q0) ∨ ¬S(i,j,0) ∨ H(i+1,j)
```

Fún 00, C(0) tó jẹ́ irọ́ ti tó: ẹ̀rọ kọ 1, ó kà á ní ìgbà 1, ó sì gbà ní ìgbà 2. Lójú tèmi, ibi yìí gan-an ni ọkàn ẹ̀rí náà wà. Ẹni tó ń wá iye tó máa mú fọ́múlà ṣẹ ló ń ṣe yíyàn tí ẹ̀rọ ì bá ṣe. Awẹ́ yòókù kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò rẹ́ wa jẹ.

Ìbéèrè: Ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà nínú ìgbésẹ̀ T lè tó 2^T. Ṣé fọ́múlà kò ní tóbi tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, nítorí pé tábìlì kan ṣoṣo la ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe tábìlì kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ yín, S jẹ́ 48, H jẹ́ 16, Q jẹ́ 12, C sì jẹ́ 3, àpapọ̀ 79. Bí T bá ń pọ̀ sí i, S ń pọ̀ bíi T², nítorí pé iye àmì àti ipò kò yí padà bí ọ̀rọ̀ tí a fún ẹ̀rọ ṣe ń gùn. Awẹ́ tó pọ̀ jù ni ti H tó ń ka orí méjì léèwọ̀, èyí tó ń pọ̀ bíi T³. Pólínọ́míà ṣì ni.

Ohun tó gbà wá ni pé awẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wo àyíká kékeré kan, àpótí kan àti aládùúgbò rẹ̀, ní ìgbà méjì tó tẹ̀ léra. Bí ẹ bá gbìyànjú láti to odindi ìlà tó ṣeé ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ibẹ̀ ni ìtóbi tí ẹ ń bẹ̀rù yóò ti wọlé.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ T kí ẹ tó kọ awẹ́ àkọ́kọ́. Stephen Cook, tó gbé ẹ̀rí yìí jáde ní 1971, lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé gbogbo ìṣòro tó wà ní NP ní ẹ̀rọ tó ń parí láàárín p(n) ìgbésẹ̀, n ni gígùn ọ̀rọ̀ tí a fún ẹ̀rọ, p sì jẹ́ pólínọ́míà tí a ti mọ̀. Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní mọ ibi tí tábìlì yóò parí sí, awẹ́ òpin kò sì ní ìlà tí a lè kọ ọ́ sí.