Ṣẹ́ẹ̀tì Òkìrìkà, Sítáàṣì Ẹ̀gẹ́: Ìmúra fún Ìntáfíù Láìjẹ Gbèsè

Ìwé yìí wà fún ilé tí wọ́n ti pe ọmọ ibẹ̀ sí ìntáfíù n'Ádó, ṣùgbọ́n tí owó ilé kò tó ra kóòtù. Ẹ má wulẹ̀ yá kóòtù rárá. Kóòtù àyálò kì í sábà bá èjìká ẹni mu, oòrùn á sì ti fi òógùn wẹ ọmọ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pè é wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, tí èjìká rẹ̀ bá a mu, tí kọ́là rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, sàn jù ú lọ. Bí ọmọ bá ti jókòó sẹ́yìn tábìlì, kọ́là, àyà, ọrùn ọwọ́ àti èékánná ni ojú àwọn tó ń bi í léèrè ń bá pàdé. Bàtà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí nígbà tó ń wọlé. Ibẹ̀ ni kí owó bá lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. ₦12,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ló sì kù.

Ní ìsọ̀ òkìrìkà

Ọjà Ọba n'Ádó la lọ. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tó wù ú, mo ní kó wọ̀ ọ́ sórí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ibi tí egungun èjìká parí sí ni ojú-rán èjìká ṣẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ parí sí. Ti èyí ti ṣubú sórí apá, la bá dá a padà. Bí èjìká bá tóbi, télọ̀ ní láti tú apá méjèèjì kó tó tún un rán, owó iṣẹ́ náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ kò ní wàhálà, wọ́n kàn máa fà á wọlé ni. Ẹ pa bọ́tìnì ọrùn dé pẹ̀lú: ó yẹ kí ìka méjì wọ inú kọ́là láìfún ọrùn.

Èyí tó bá a mu, ẹ gbé e jáde kúrò lábẹ́ tapólì, kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Ẹ yí abíyá rẹ̀ síta. Bí ó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òógùn ẹni tó kọ́kọ́ ni ín nìyẹn. Oníṣòwò á ní Jíìkì á fọ̀ ọ́ kúrò. Irọ́ ni. Ńṣe ni Jíìkì tún máa ń mú kí àbàwọ́n òógùn pọ́n sí i. Ẹ mú òmíràn.

Ẹ tún fa òwú kan yọ láti etí inú rẹ̀, kí ẹ fi iná ìṣáná kàn án. Òwú gidi á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Ti pọliẹ́sítà á yọ́, á sì di kókó líle. Èyí tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ á jó díẹ̀, á yọ́ díẹ̀. Òwú gidi la fẹ́, nítorí òun ló ń gba sítáàṣì dáadáa, òun náà ló sì lè fara da áyọ́ọ̀nù eléèédú. A rí ọ̀kan ní ₦2,500, ṣòkòtò dúdú sì jẹ́ ₦3,500. Kí ẹ tó sanwó ṣòkòtò, kí ọmọ jókòó nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ra síkẹ́ẹ̀tì ló tún yẹ kó ṣe èyí jù, torí síkẹ́ẹ̀tì tó bo orúnkún lórí ìdúró lè sá sókè lórí àga.

Télọ̀ gba ₦1,000 láti fa ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọlé, kó sì gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Sítáàṣì láti inú oko yín

Ilé tó bá ń ṣe gàrí kò nílò láti ra sítáàṣì. Ẹ wú ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ bó o, ẹ rin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ pò ó mọ́ omi tó mọ́, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ sínú abọ́. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ohun funfun á ti dì sísàlẹ̀ abọ́. Ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ bu omi tuntun sí i, ẹ rò ó, kí ẹ tún jẹ́ kó dì sísàlẹ̀. Ẹ ṣe é títí tí kò fi ní òórùn mọ́. Omi tó ń kán lára àpò gàrí tó ti kan ní sítáàṣì nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn kíkan rẹ̀ máa ń bá aṣọ lọ, kò sì yẹ kí yàrá ìntáfíù máa rùn bí ibi ìfúngàrí.

Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ṣíbí ìjẹun kan nínú ohun funfun náà, kí ẹ wá máa da omi híhó bíi lítà kan lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó títí á fi dán bí àtè. Bí ẹ bá dà á gbígbẹ sínú omi híhó, kókó ló máa dì. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ ri ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti fọ̀ mọ́ sínú rẹ̀. Ẹ fún un, ẹ sá a sí ibòòji. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ṣòkòtò dúdú kò gbọ́dọ̀ kan sítáàṣì o, funfun rẹ̀ á hàn lára rẹ̀ bí ẹfun.

Bí áyọ́ọ̀nù eléèédú lẹ ní, ìta ni kí ẹ ti fẹ́ eérú rẹ̀ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lé àkísà. Kọ́là ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, láti ṣóńṣó rẹ̀ wá sí àárín, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́, apá, èjìká, ẹ̀yìn, kí ẹ fi iwájú kẹ́yìn. Bí aṣọ bá ń lẹ̀ mọ́ irin tàbí tó ń pọ́n, iná ti pọ̀ jù tàbí sítáàṣì ti ki jù. Ṣòkòtò ní tirẹ̀, inú rẹ̀ ni kí ẹ lọ̀, kó má baà máa dán bí ẹ̀yìn ìkòkò.

Bàtà, ọwọ́ àti orí

Èmi fúnra mi ti wọ ọ́fíìsì kan rí pẹ̀lú bàtà òkìrìkà tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ lórí tááìsì wọn. Bàtà tó bá ti wà nípamọ́ fún ọdún púpọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ dán lójú. Ẹ tẹ ẹ po, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Bó bá sán tàbí tó lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fi sílẹ̀. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ náà ti ní tẹ́lẹ̀ ni ṣúmékà rán ní ₦700, pọ́líìṣì sì jẹ́ ₦800.

Ọwọ́ àgbẹ̀ kì í mọ́ ní òru ọjọ́ kan. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dúdú abẹ́ èékánná gba ọjọ́ mẹ́ta: òròǹbó wẹ́wẹ́, iyọ̀ díẹ̀, kànìnkànìn, ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi ìpara pa á. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kó ohun tó bá kù lábẹ́ èékánná. Ọmọ náà gé irun ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ₦1,000, kí ojú abẹ lè ti rọlẹ̀. Irun dídì náà, ẹ dì í ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa iwájú orí máa ń wú róróró.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,500. ₦2,500 tó kù wà fún ọkọ̀.

Lọ́jọ́ náà

Ẹ má wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà gun ọ̀kadà. Eruku pupa wa á ti kùn ún kó tó dé Ádó. Ẹ gbé e kọ́ sínú ọ̀rá lórí háńgà, kí ọmọ wọ tíṣẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì, kó wá pààrọ̀ níbi tó súnmọ́ ọ́fíìsì. Iyán ọ̀sán di ìgbà tó bá padà dé, nítorí epo ẹ̀fọ́ kò mọ̀ pé ìntáfíù wà. Nínú àpò rẹ̀, kí ó ní àkísà kékeré fún bàtà, abẹ́rẹ́ tí òwú funfun ti wà nínú rẹ̀, àti bọ́tìnì kan.