Ọjà ló ń dá iye lé ìpékeré mi: bí mo ṣe wá ₦57 tó ń sọnù

Páálí mẹ́rìnlélógún ni alágbàtà dá padà fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìpékeré inú wọn ṣì ń ró kẹ̀kẹ̀ lẹ́nu, kò sí ẹyọ kan tó bàjẹ́. Ohun tó lé e kúrò lórí pẹpẹ ni pé ₦600 ni àwọn onísọ́ọ̀bù ń tà á, nígbà tí ti ẹlòmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gíráàmù 60 bíi tèmi, jẹ́ ₦500. Mo san owó ọkọ̀ lọ, mo tún san owó ọkọ̀ bọ̀.

Ó dùn mí wọra, torí mo gbà pé mo ti ṣírò dáadáa. Mo ti kó gbogbo ìnáwó mi jọ, ó jẹ́ ₦345 lórí náílọ́ọ̀nù kan. Mo fi èrè mi lé e, ó di ₦414. Alágbàtà fi tirẹ̀ lé e, onísọ́ọ̀bù fi tirẹ̀ lé e, ló bá di ₦575, wọ́n wá sọ ọ́ di ₦600 nítorí ìyọnu ṣéńjì. Gbogbo wa la lé nǹkan sórí ọjà yẹn, kò sì sẹ́ni tó bi ẹni tó fẹ́ rà á jẹ pé èló ló fẹ́ san.

Bọ̀dá mi kan tó ti ṣe ìṣirò ìnáwó pẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ló wo ìwé mi. Kò tiẹ̀ wo ìṣirò náà tán. Ó ní, "Àbúrò, ìsàlẹ̀ lo ti ń rò ó bọ̀ sókè. Òkè ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o máa yọ ọ́ bọ̀ wálẹ̀." Ó ní gẹ́nka kikaku ni àwọn ará Jàpáànù ń pè é, pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Tòyótà ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1960. Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí iye tí ọjà máa san lórí ọkọ̀ kan, wọ́n á yọ èrè tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ kúrò níbẹ̀, iye tó bá ṣẹ́ kù ni gbèdéke tí àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ná kọjá. Kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe èyí. Èmi ti ra náílọ́ọ̀nù, mo ti dín ìpékeré, mo ti kó o lọ sọ́jà kí n tó mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe rí fún tèmi nìyí. Ọjà ń san ₦500. Onísọ́ọ̀bù ń mú ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦100, ó ku ₦400. Alágbàtà ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦400 tó ń tà á fún wọn, ìyẹn ₦40, ó ku ₦360 tó ń wọ ọwọ́ mi. Èmi náà fẹ́ èrè ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦360, ₦72 nìyẹn.

500 − 100 − 40 − 72 = 288

Ibì kan wà níbẹ̀ tó lè tan èèyàn jẹ. Nígbà tí onísọ́ọ̀bù bá ní ogún nínú ọgọ́rùn-ún lòun ń jẹ, ẹ bi í léèrè bóyá lórí iye tó fi rà á ni àbí lórí iye tó ń tà á. Bó bá jẹ́ lórí iye tó fi rà á, ó lè san tó ₦416 kó sì tà á ní ₦500. Bó bá jẹ́ lórí iye tó ń tà á, ₦400 péré ló máa san. Lórí iye tí wọ́n ń tà á ni tàwọn tèmi. Ìyàtọ̀ ₦16 kò kéré rárá lára náílọ́ọ̀nù ìpékeré kan.

Gbèdéke mi jẹ́ ₦288, mo ń ná ₦345. ₦57 ló yẹ kí n wá yọ. Mo tú ₦345 náà palẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ₦150, òróró ₦60, náílọ́ọ̀nù ₦50, owó àwọn òṣìṣẹ́ ₦40, gáàsì ₦30, iyọ̀ àti ọkọ̀ àti ilé ₦15. Iye ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ìgbà tó bá pọ̀ lọ́jà nìkan o. Mo pín ohun tí mo ná ní ọdún kan gbáko ni, torí ẹni tó bá fi iye ìgbà ọ̀pọ̀ ṣe gbèdéke rẹ̀, nígbà ọ̀wọ́n ni yóò máa sanwó fún àwọn tó ń jẹ ìpékeré rẹ̀.

Òróró ló gba oṣù kan gbáko lọ́wọ́ mi. Iye kẹ́ẹ̀gì tí mo rà lóṣù, tí mo pín sórí iye náílọ́ọ̀nù tí mo tà, ló fún mi ní ₦60. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò lè sọ ibi tí òróró náà ń gbà lọ. Ṣé inú ìpékeré ló ń wọ̀ ni, àbí ó ń dà nù, àbí ẹnìkan ń bù ú? Èèyàn kò sì lè dín ohun tí kò mọ ọ̀nà tó ń gbà jáde kù.

Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀, mo da òróró lítà 20 sínú agbada. A dín náílọ́ọ̀nù 212 lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a pa gáàsì, mo dúró kí ooru rẹ̀ dín kù díẹ̀, mo wá fi jọ́ọ̀gì wọ̀n ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì: lítà 15 àti ààbọ̀. Lítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ló lọ, èyí tí kò ju ₦51 lọ lórí náílọ́ọ̀nù kan, nígbà tí lítà kan jẹ́ ₦2,400. Ìwé mi sì ní ₦60. Níbo ni ₦9 yòókù wà? Ilẹ̀ mọ́, mo tún kẹ́ẹ̀gì yẹn wọ̀n: lítà 14 àti díẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ti dín sí i mọ́jú!

Mo bínú, mo sì fẹ̀sùn kan ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́, torí òun ló ti ilẹ̀kùn. Ó sunkún. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, mo mú kẹ́ẹ̀gì náà lọ sínú yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn fúnra mi, òróró ṣì dín kù. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi: òróró gbígbóná máa ń wú. Bó bá tutù, á súnkì, jọ́ọ̀gì á sì fi hàn pé ó kéré. Kò sí ẹni tó bù ú. Mo bẹ ọmọ náà, ojú tì mí gan-an, mo sì lọ ra sikéèlì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òróró tí ẹ ń lò, ìwúwo ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má fi lítà wọ̀n ọ́n. Kílò òróró kì í yí padà bó gbóná bó tutù.

Nígbà tí ìṣirò wá tọ́, lítà márùn-ún àti díẹ̀ ló ń lọ, mìlílítà 25 lórí náílọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ₦60 géérégé. Inú ìpékeré ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, àfi ìwọ̀nba tó ń kán sílẹ̀. Mo tẹ́ ẹyọ mẹ́wàá sórí ìwé ìròyìn, ìwé náà rin gbindin títí dé abala kẹta.

Ẹ̀bi ọwọ́ wa ni. Kílò mẹ́ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń dà sínú agbada lẹ́ẹ̀kan, ká lè tètè parí. Tẹmómítà fi hàn mí pé òróró tó wà ní 175 a já wálẹ̀ sí 130 lójú ẹsẹ̀, híhó rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wá jókòó pẹ́ sínú òróró tí kò gbóná tó. A dín in kù sí kílò kan àti díẹ̀, kò já kọjá 155 mọ́. Ohun kejì ni pé bí ìpékeré bá ti jáde tó ń tutù ló máa ń fa òróró tó wà lára rẹ̀ wọnú, nítorí náà orí agbada náà la ti ń gbọn asẹ́ dáadáa kó tó tutù. Òróró bọ́ sí mìlílítà 16, ₦38. ₦22 wọlé. Gáàsì fi ₦2 lé sí i torí iṣẹ́ ń pẹ́ sí i, mo sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Àwọn yòókù yá. Náílọ́ọ̀nù mi tóbi tó láti gba gíráàmù 100, afẹ́fẹ́ lásán ni mo ń rà. Mo gé e kéré, ó di ₦36. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní òun lè yọ abala fàdákà inú rẹ̀ kó tún wálẹ̀ sí i, mo kọ̀: ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń mú kí òróró ìpékeré kan, ẹni tó bá sì jẹ ìpékeré tó ti ń rùn lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá. Mo ra ẹ̀rọ tó ń rẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, àwọn tó tinrín kì í jóná mọ́ kí àwọn tó nípọn tó gbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ sí ₦135.

Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ ₦49. Mo wà ní ₦296, ó ku ₦8. Mo rò pé ẹ̀rọ yẹn á dín owó òṣìṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń sanwó fún wọn. Àyàfi tí a bá ń dín ju náílọ́ọ̀nù 212 lọ lójúmọ́ ni owó wọn fi lè fúyẹ́ lórí ẹyọ kan, agbada kan ṣoṣo sì ni mo ní. Àwọn kan ní kí n sọ gíráàmù 60 di 55. Mi ò ṣe é, torí 60 ni ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ lásán làwọn ọmọ ilé ìwé fi ń mọ èyí tó fúyẹ́.

Ìpékeré mi ti padà sórí pẹpẹ ní ₦500, ₦64 ni mo ń jẹ dípò ₦72. Alágbàtà kò tíì dá páálí kankan padà láti ìgbà náà.

Ní oṣù tó kọjá, mo dán ìpékeré aláta wò. Àwọn ọmọ àdúgbò jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ń béèrè. Ẹni tó ń tẹ náílọ́ọ̀nù ti ya àwòrán ata pupa sí i, ó rẹwà. Mo lọ wo ọjà kí n tó fún un lówó: ₦500 náà ni wọ́n ń ta aláta. Ata gígún fi ₦9 lé ìnáwó mi, ó di ₦305, gbèdéke sì ṣì jẹ́ ₦288. Mo ní kó bá mi tọ́jú àwòrán náà síbẹ̀ ná.