"Màá wò ó" ni mo sọ, "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n gbọ́

Lọ́dún tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ìpele kejì ìdánwò ICAN, ìdánwò àwọn oníṣirò owó, mo ra ìwé, mo ra bíróò, mo ya àtẹ àkókò ìkàwé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yẹn, oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá, ti oṣù Karùn-ún ni mo sì fojú sí. Nígbà tí oṣù Kẹrin fi máa parí, ìwé owó-orí mi kò tíì kọjá orí kẹta. Kì í ṣe pé mo ń ṣeré o. Mo ti ná owó àti òpin ọ̀sẹ̀ méjì sórí ìsìnkú, mo ti gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sílé, mo sì ti ń bá obìnrin kan tó lọ bímọ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ tèmi níbi iṣẹ́. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ni mo féèlì.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí èèyàn kọ́ bí a ṣe ń sọ pé "rárá". Ẹni tó bá fi rárá gbígbẹ dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn nílẹ̀ Yorùbá ti dá ìjà sílẹ̀, kò sì ní rí ìwé kan kà lọ́jọ́ náà. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, àárín bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni "màá wò ó". Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo ń yọ mọ́ín-mọ́ín lórí iná, fóònù dún.

"Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó mi ní kí n kí ọ."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Bọ̀dá mi. A dúpẹ́."

"Ọmọ yìí ń bọ̀ wá ṣe JAMB n'Íbàdàn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni yóò lò lọ́dọ̀ rẹ. Wàá kàn máa bá a wo ìṣirò rẹ̀ lálẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, sà."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Sátidé ni màá fi í sí mọ́tò."

Ó ti pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́ mi jẹ. Nítorí pé a kì í kọ̀ fún àgbà lójúkojú, "màá wò ó" ti di ọ̀nà tí ọmọlúàbí ń gbà sọ pé òun gbà. Bọ̀dá ti kà á sí àdéhùn. Bí mo bá pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kò ṣeé ṣe, n kì í ṣe ẹni tó kọ̀ mọ́, mo ti di ẹni tó yẹ àdéhùn nígbà tí ọmọ ti di ẹrù. Àwọn ẹ̀gbọ́n "màá wò ó" náà wà: "kò burú", "a ó máa sọ ọ́", "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i". Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ní oṣù Kẹjọ, Bọ̀dá tún pè. Ọmọ kejì fẹ́ wá lo họ́lídè. Mo ti ronú sí ohun tí màá sọ báyìí: "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú sà. Mi ò ní lè gbà á sílé kí oṣù Kọkànlá tó parí, nítorí ìdánwò mi. Tí ìdánwò bá ti parí, kó wá lo Kérésì lọ́dọ̀ mi, èmi ni màá san owó mọ́tò." Ẹ̀bẹ̀ ló ṣáájú, kíkọ̀ wà láàárín, ohun tí mo lè ṣe ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo máa ṣe é. Kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó dákẹ́ lórí fóònù, èmi náà sì dákẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn, a ò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ yẹn, a á bẹ̀rẹ̀ sí í to àlàyé jọ. Tí o bá ní yàrá kéré, wọ́n á ní pálọ̀ ni yóò sùn. Tí o bá ní oúnjẹ ti wọ́n, wọ́n á fi iṣu àti gàrí ránṣẹ́. Gbogbo ìdí tí o bá fi kún un, ìṣòro tí wọ́n máa bá ọ yanjú ni. Ìdí kan ṣoṣo tó, tó bá ti jẹ́ òótọ́.

Òótọ́ yẹn gan-an ni àṣìṣe kejì. "Kò sówó lọ́wọ́ mi" ni irọ́ tó rọrùn jù lẹ́nu òṣìṣẹ́. Mo pa á fún àbúrò ìyá mi kan ní ọjọ́ Wẹsidé. Ní Sátidé, mo gbé fọ́tò ara mi nínú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi sórí Wásáàpù. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "O rẹwà o, ọmọ mi". Ojú tì mí débi pé mo fi owó tó ju èyí tí wọ́n béèrè lọ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Mo ki gègé bọ ìwé lẹ́yìn ìyẹn. Mo kọ gbogbo ẹ̀bẹ̀ owó tó dé láàárín oṣù mẹ́ta sílẹ̀: mọ́kànlá ni, mo dáhùn méje, ₦74,500 ló bá wọn lọ. ₦180,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé aṣọ ẹbí àti àwọn "fi nǹkan kékeré ránṣẹ́" ló kó èyí tó pọ̀ jù, àìsàn àti owó ilé ìwé kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Mo ṣí àkáǹtì mìíràn, mo ń fi ₦20,000 sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, mo sì pè é ní owó ẹbí. Tó bá tán ní ọjọ́ 12, ó tán nìyẹn. N kò parọ́ mọ́, gbólóhùn mi ni pé "Èyí tí mo yà sọ́tọ̀ fún oṣù yìí ti tán, Ma. Ẹ rán mi létí ní ọjọ́ 28." Ìdajì àwọn tí mo sọ ọ́ fún kò rán mi létí. Aṣọ ẹbí ńkọ́? Gèlè nìkan ni mò ń rà, màá sì wọ léèsì tí mo ti ní.

Ẹ má sì yá ẹbí lówó. Ẹ fún wọn ní èyí tí agbára yín ká, kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀. Owó tí a yá ẹbí máa ń gba ọpọlọ èèyàn: wàá máa rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá rí wọn, àwọn náà á sì máa sá fún ọ.

Àṣìṣe kẹta ni kí èèyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan jà. Lẹ́yìn tí èsì jáde, mo mú ọjọ́ kan lọ bá Màmí nílé, mo ra búrẹ́dì àti Bọ́nfítà dání, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn pé láti ìsinsìnyí títí di oṣù Kọkànlá, òru àti òwúrọ̀ mi ti lọ sí ìwé. Wọ́n bi mí léèrè pé kí ni ìwé náà máa mú wá. Mo sọ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá lọ fẹjọ́ mi sùn pé mi ò wá síbi ìpàdé ẹbí, Màmí ló ń dá wọn lóhùn. Ìyá tèmi ni mo sọ o. Tó bá jẹ́ pé ìyá yín gan-an ló ń béèrè jù, ẹ wá ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè lọ, kí ẹ̀bẹ̀ kankan tó wọlé.

Níbi iṣẹ́, àṣìṣe mi ni pé mò ń gba iṣẹ́ láìbéèrè èyí tí mo máa gbé sílẹ̀. Ẹ̀ka owó la wà, a sì mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń le: owó-orí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá, owó-orí orí ọjà sì ní ọjọ́ 21. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń pẹ́ títí aago mẹ́jọ alẹ́, nítorí pé ẹni tó bá tètè lọ lójú ọ̀gá dà bí ọ̀lẹ. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ara wọn balẹ̀, pé láti ọjọ́ 1 sí 10, àti ọjọ́ 19 sí 21, màá dúró títí iṣẹ́ á fi parí. Àwọn ọjọ́ yòókù, aago márùn-ún ni màá máa lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fojú wò mí. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ obìnrin tó lọ bímọ ńkọ́?" Mo fi ìwé hàn wọ́n: fífi àkọsílẹ̀ báńkì wé tiwa, àkáǹtì mẹ́rin, wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yàn, sà. Tí n bá mú èyí, ta ló máa bá mi mú ìwé àwọn oníbàárà tó jẹ wá lówó?" Wọ́n gbé àkáǹtì méjì fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá ti sọ pé "iṣẹ́ ti pọ̀ jù", ìtùnú ni wọn ìbá fún mi.

Wákàtí tí mo gbà padà yẹn náà, mo kọ́kọ́ lò ó lódì. Mo ń kàwé ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ojú ìwé kan lórí ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tó ní ilé iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìdánwò wákàtí mẹ́ta nìyí o, orí tó ti rẹ̀ kò lè múra rẹ̀. Mo yí i sí aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ sí mẹ́fà, fóònù wà ní pálọ̀. Alẹ́ ni mo wá ń pe àwọn ẹbí padà, tí mò ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Èyí tó jí pépé nínú mi ni mo fún ìwé, èyí tó kù ni mo fún ẹbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò oṣù Kọkànlá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Màmí dé ilé ìwòsàn. Mi ò wo àkáǹtì owó ẹbí kí n tó san owó, mi ò sì wo àtẹ ara ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn sórí àga níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, Bọ̀dá wọlé tòun ti búláńkẹ́ẹ̀tì.

"Dìde, lọ kàwé. Èmi ni màá sùn síbí."

Ẹnu mi ti ń lọ síbi "ẹ jẹ́ kí n wò ó". Mo gbé báàgì mi.

Nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó kù, mo pàsì méjì. Owó-orí ṣì ń dúró dè mí ní oṣù Karùn-ún.