Ẹ lànà fún ọba kẹ́ ẹ tó lọ jà

Ẹ̀yin tèmi tẹ́ ẹ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, kẹ́ ẹ tó gbé rúùkù kúrò nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ọba ná. Ká ní ọba funfun yín wà ní g1, pọ́ọ̀nù wà ní f2, g2 àti h2, rúùkù kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní wà ní d1, ti dúdú wà ní e8. Tẹ́ ẹ bá sáré lọ d7 torí pọ́ọ̀nù dúdú tó wà ní a7, rúùkù dúdú máa já wálẹ̀ sí e1, ṣẹ́ẹ̀kìméètì nìyẹn, pọ́ọ̀nù yín gan-an ló dínà mọ́ ọba. Ẹ kọ́kọ́ ta h3, ọba á lè sá sí h2. Àmọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù dúdú bá wà ní d6, ó ń ṣọ́ h2 nìyẹn o, g3 ni kẹ́ ẹ ta, kí ọba gba g2 jáde.