Bí mo ṣe wá ₦68,400 tó dín nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíè

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ka ọjà tán, ₦68,400 ló dín nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíè, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Iye tí mo fi ra ọjà ni mo fi ṣírò o, kì í ṣe iye tí mò ń tà á. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti dájọ́ pé ọmọ tó ń bá mi tajà ló kó o. Mo pariwo lé e lórí, mo ní kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ajáàwà. Ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un kà." Mo gbà, torí mo fẹ́ fi ẹ̀rí pa á lẹ́nu mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọjà kò le: èyí tó wà nílẹ̀, ẹ fi èyí tó wọlé kún un, ẹ yọ èyí tí ẹ ti tà, ẹ fi wé ohun tó wà lórí pẹpẹ. Kí ẹ ṣáà ti ilẹ̀kùn. Àṣìṣe mi ni pé nígbà àkọ́kọ́ mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di owó kan. Lọ́tẹ̀ yìí a kọ ọ́ lọ́jà lọ́jà, ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Páálí nudulu mẹ́ta ló dín, géérégé, ẹyọ kan kò lé, ẹyọ kan kò dín. Ta ni yóò gbé páálí mẹ́ta jáde lójú mi? Mo ṣí ìwé, mo rí i pé èmi fúnra mi kọ páálí mẹ́ta náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n já a, mo tún wá kọ ọ́ lálẹ́ nígbà tí mò ń da rìsíìtì kọ. ₦27,000 tí kò sọnù rárá nìyẹn. Ojú tì mí.

Èyí tí eku jẹ àti sẹ́mó tí òjò kàn jẹ́ ₦8,900; a ti dà wọ́n nù láì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní báyìí, ẹni tó bá ní eku jẹ bisikíìtì, kó mú ọ̀rá rẹ̀ wá kí n rí i.

Mílíìkì ló fẹ́ pa mí. Róòlù mẹ́rìnlá ló dín nínú páálí méjìlá, ₦1,500 ni róòlù kan, ₦21,000 nìyẹn. Ọmọ yẹn ló sọ pé, "Mọ́mì, róòlù odindi ló dín o, kò sí pé wọ́n já sáṣẹ́ẹ̀tì kankan." Mo dákẹ́. Òótọ́ ni, ẹni tó bá ń fẹ́wọ́ máa ń já ẹyọ kan, ẹyọ méjì ni. Páálí márùn-ún ṣì wà tí a kò tíì ṣí. Mo yá òṣùwọ̀n ìyá eléja tútù tó wà lódìkejì títì. Páálí méjì wọn kílò 2.9. Mẹ́ta tó kù, 2.6 ni wọ́n wọn. Mo yí wọn dojú dé: lábẹ́ àwọn mẹ́ta yìí, wọ́n lẹ téèpù lé téèpù! Mo pe ìyá eléja wá ṣẹlẹ́rìí, ọmọ ń ya fídíò, mo ṣí wọn. Róòlù 18 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò 20. Mẹ́fà yìí kò tilẹ̀ sí lára mẹ́rìnlá tí a kọ́kọ́ rí, torí odindi ni a ka páálí tí a kò ṣí sí.

Ẹ wá wo wàhálà. Mo pe ẹni tó ń já ọjà fún mi, kò gbé e. Mo lọ sí sítọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbà kẹta ni mo tó bá a. Ó fa wébíìlì yọ: "Ìyá wa, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí? Ẹ sáìnì pé ọjà pé." Ọwọ́ mi ni lóòótọ́. Páálí nìkan ni mo máa ń kà, mo sáìnì, dírẹ́bà á lọ. A fà á títí, ó san róòlù mẹ́fà tó wà nínú fídíò. Mẹ́rìnlá tí a kọ́kọ́ rí dọ́gba pẹ̀lú páálí méje yòókù tí róòlù méjì-méjì bá dín nínú wọn, ṣùgbọ́n a ti ṣí wọn, a ti ń tà wọ́n, kí ni mo fẹ́ fi hàn án? ₦21,000 wọgbó. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó wá ku ₦11,500. Ìpara mẹ́rin ló gbé ₦8,000 níbẹ̀, èyí tó kù jẹ́ bátìrì àti bíléèdì. Gbogbo wọn kéré, wọ́n wọ àpò, ẹnu ọ̀nà ni mo sì kó wọn sí, níbi tí ẹni tó bá jókòó sídìí káńtà kò ti lè rí wọn. Iyẹn ni mo pè ní olè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà tí a tà tí a gbàgbé láti kọ náà lè wà níbẹ̀. Mo kó wọn sẹ́yìn káńtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, wọ́n pé.

Mo ti ra òṣùwọ̀n tèmi. Dírẹ́bà ń kùn, ṣùgbọ́n yóò dúró títí màá fi wọn páálí kọ̀ọ̀kan, màá sì yí ìdí rẹ̀ wò kí n tó sáìnì. Ọmọ yẹn ṣì ń bá mi tajà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan kan, àmọ́ "Ọ̀gá" ló ń pè mí báyìí.