Bí mo ṣe gbé ìlérí irọ́ tèmi lé ìwọ̀n òfin gbogbo ayé

Mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà tán. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lówó díẹ̀. Tí oṣù yìí bá ti parí, màá dá a padà fún yín." Ó ku kí n fi ránṣẹ́. Àmọ́ mo mọ̀ dájú pé kò sí owó kankan tó ń bọ̀ wá bá mi ní ìparí oṣù, kò sì sí èyí tó ń bọ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo kàn fi ọ̀rọ̀ ìparí oṣù yẹn sí i kí ọkàn wọn lè balẹ̀ ni.

Lásìkò yẹn, ẹ̀kọ́ ìwà tó dúró lórí ojúṣe ni mò ń kà, ìyẹn èyí tí Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, gbé kalẹ̀ nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tó jáde lọ́dún 1785. Ẹ̀kọ́ yìí kì í fi èrè tàbí òfò tó máa tẹ̀yìn ìwà kan wá ṣèdájọ́ rẹ̀. Ìlànà tó wà lọ́kàn ẹni tó ń hùwà náà ló máa ń wò. Ní èdè tèmi, òṣùwọ̀n rẹ̀ tó lókìkí jù nìyí: má ṣe tẹ̀ lé ìlànà kankan àfi èyí tí ìwọ fúnra rẹ lè fẹ́ kó di òfin fún gbogbo ènìyàn. Àpẹẹrẹ mẹ́rin ni Kant fi ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti ẹni tó fẹ́ yáwó, tó ń ṣèlérí pé òun máa san, tó sì mọ̀ pé òun kò ní san. Ojú tì mí. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo mú bébà àti bírò, mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi dán an wò, kí n má kàn kà á bí ìtàn ẹlòmíì.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti kọ ìlànà náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ló gbà mí lásìkò jù, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé: "Tí ọwọ́ mi bá há lóṣù yìí, tí ẹ̀gbọ́n mi sì lówó lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé mo ti ṣe wọ́n lóore rí, mo lè sọ fún wọn pé màá san owó wọn padà." Ẹ wò ó bó ṣe dùn ún kà. Tí ẹ bá sọ èyí di òfin, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èmi nìkan ni òfin náà bá mu ní gbogbo ayé. Mo tún ti fọgbọ́n yọ ohun tó ṣe pàtàkì jù kúrò, ìyẹn pé mo mọ̀ pé n kò ní san.

Bí mo ṣe tún un ṣe ni pé mo fọwọ́ lé ohun kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn náà, mo sì ń bi ara mi pé: ká ní èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣé màá ṣì fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́? Tó bá jẹ́ oṣù mìíràn ńkọ́? Màá fi ránṣẹ́. Tí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló lówó, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan? Màá kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Tí n kò bá ṣe wọ́n lóore rí? Màá ṣì kọ ọ́. Gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, mo sì fa ìlà sí wọn. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ pé mo nílò owó, n kò lè fa ìlà sí i, torí tí n kò bá nílò owó, kí ni mo ń wá? Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí: "Tí mo bá nílò owó, màá ṣèlérí pé màá san án padà, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé n kò ní san án, kí wọ́n lè yá mi." Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ipò tí mo wà, ohun tí mo fẹ́ ṣe, àti ohun tí mo fẹ́ fi rí gbà. Ẹ má jẹ́ kí ìkẹta yìí bọ́ sọnù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ti já.

Lẹ́yìn náà, mo sọ ọ́ di òfin. Òfin tí à ń wí níbí yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba ń ṣe, tí ẹni tó bá fẹ́ lè rú. Ẹ rò ó bí òfin tó ń mú kí òkúta jábọ́ tí a bá jù ú sókè. Nínú ayé tí mo ń rò yìí, gbogbo ẹni tó bá nílò owó ló máa ṣèlérí irọ́ láti fi yá a, láìku ẹnìkan. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ pé òkúta máa jábọ́.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì. Mo yára kọ ọ́ pé: "Ayé máa bàjẹ́, kò ní sí ìfọkàntánni mọ́, nítorí náà ó burú." Ó jọ òótọ́, àmọ́ ìdánwò yìí kọ́ nìyẹn. Àbájáde ni mo ń wọ̀n, tí ẹnìkan bá sì ní ayé tó bàjẹ́ kò kan òun, n kò ní èsì fún un. Ó tún dà bí ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé ẹni tó yáwó tí kò san án ti bẹ́gi dí ọ̀nà èyí tí ì bá tún yá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ tún yáwó lọ́la ni. Ẹni tó bá ń kó lọ sí ìlú mìíràn, tí kò ní padà wá, igi yẹn kò dí ọ̀nà kankan mọ́ ọn. Kant fúnra rẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀: ó ní kí ènìyàn yẹra fún irọ́ nítorí ìbẹ̀rù ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ wá yàtọ̀ pátápátá sí kó yẹra fún un nítorí ojúṣe.

Mo fa ìlà sí ohun tí mo kọ, mo sì ṣe ìgbésẹ̀ tó yẹ kí n ṣe. Mo fi ara mi sínú ayé yẹn, èmi pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ mi, láti wò ó bóyá ohun tí mo pète máa bọ́ sí i. Mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i, wọ́n kà á dé ibi tí mo ti sọ pé màá dá a padà. Kí ni gbólóhùn yẹn jẹ́ lójú wọn? Níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń wá owó ló ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń san. Ó ti di ariwo tí ẹnu máa ń pa nígbà tí owó bá wọ́n, bí ẹni tí òtútù mú ṣe ń wúkọ́. Kì í ṣe pé wọ́n máa bínú sí mi. Ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Ohun tí Kant sọ náà nìyẹn, pé ńṣe ni àwọn ènìyàn máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ohun asán.

Ibẹ̀ ni ìlànà mi ti takò ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìlérí mi gbówó wálé, kò sì lè gbówó wálé àfi tí wọ́n bá gbà á gbọ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà, mo tún fẹ́ òfin tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́. N kò lè fẹ́ méjèèjì pa pọ̀. Irọ́ mi kò lè ṣiṣẹ́ àfi tí àwọn yòókù bá ń sòótọ́. Nítorí náà, n kò fẹ́ kó di òfin rárá, ńṣe ni mo fẹ́ kí òfin pé ká máa sòótọ́ wà fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì yọ èmi nìkan sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí irú ìtakora tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ìlérí fúnra rẹ̀ ló máa pòórá, tí kò fi ní sí ohun tí ènìyàn á máa fi purọ́. Àwọn mìíràn, bíi Christine Korsgaard, gbà pé ibi tí ìtakora náà wà ni pé ọgbọ́n tí mo dá kò ní lè ṣe iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ dá a. Ti Korsgaard yé mi jù, torí pé òun ni mo fojú ara mi rí lórí bébà.

Ká ní ìlànà mi yege níbí, ìbéèrè kan ṣì kù: ṣé mo lè fẹ́ irú ayé bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ní òun kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, irú ayé rẹ̀ lè wà láìtakora, àmọ́ òun gan-an kò lè fẹ́ ẹ, nítorí ọjọ́ tí yóò nílò ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Tèmi ti ṣubú ní ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìkejì.

Kí n lè mọ̀ bóyá owó yíyá ni ìdánwò náà ń bá jà, mo fi ìlànà mìíràn wọ̀n ọ́n: "Tí mo bá nílò owó, màá tọrọ rẹ̀, màá sì sọ òótọ́ nípa ìgbà tí mo lè san án." Bí gbogbo ayé bá ń ṣe é, kò sí ohun tó wó. Wọ́n lè kọ̀ láti yá mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ṣì ní ìtumọ̀. Ẹni tó ṣèlérí pẹ̀lú ọkàn kan pé òun máa san, tí iṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lára àwọn tí à ń bá wí. Ohun tó wà lọ́kàn lọ́jọ́ ìlérí ni à ń wọ̀n.

Òṣùwọ̀n yìí kò pé o. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: "Màá máa rajà, n kò ní máa tajà." Tí gbogbo ayé bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni a ti máa rà? Ó wó lulẹ̀, síbẹ̀ ta ló máa sọ pé ẹni tó ń rajà lásán ti dẹ́ṣẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí dà mí láàmú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun tí mo wá ń ṣe, tó sì jẹ́ èrò tèmi, ni pé tí ìlànà kan bá ti ṣubú, mo máa ń béèrè bóyá mo lè sọ ọ́ síta fún ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń rajà lè sọ fún ọlọ́jà pé òun kì í tajà, wọ́n á ṣì tà fún un. Èmi kò lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé n kò ní san, kí n tún máa retí pé kí wọ́n gba ìlérí mi gbọ́.

Mo padà sídìí fóònù. Mo pa gbólóhùn tó gbẹ̀yìn rẹ́, mo sì fi èyí dípò rẹ̀: "N kò tíì mọ ìgbà tí màá lè san án, ó sì lè pẹ́." Ó gbà mí tó wákàtí kan kí n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n fèsì pé ọwọ́ àwọn náà kò dẹ̀ lóṣù yìí, pé kí n pe àwọn lọ́la, ká jọ wo ohun tó ṣeé ṣe.